Ìfúnpá Màmá di 188/108 lálẹ́: ṣé ká gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, àbí ká tún un wọ̀n?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Lálẹ́ Sátidé tó kọjá a ti òde ìgbéyàwó dé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, mo sì wọn ìfúnpá Màmá mi bí wọ́n ṣe jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ òde ṣì wà lọ́rùn wọn. Ẹni ọdún 66 ni wọ́n, amúlódípíìnì ni wọ́n ń lò. Ẹ̀rọ gbé 188/108 jáde. Mo tún un wọ̀n lójú ẹsẹ̀, ó di 193/110; mo tún un ṣe, ó di 197/112. Wọ́n ní kò sí ibi tó ń dun àwọn. Aládùúgbò wa ní ká ki nìfẹ́dípíìnì bọ abẹ́ ahọ́n wọn, ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lóru yẹn. Èwo ló tọ́?

Ìdáhùn: Bí ohun gbogbo bá rí bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí, ti ẹ̀gbọ́n yín kò pọn dandan lálẹ́ yẹn, àmọ́ kò lè pa wọ́n lára. Ti aládùúgbò ló léwu. Ohun tó yẹ ni kí Màmá lọ tọ̀, kí wọ́n bọ́ aṣọ òde, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá tún un wọ̀n bó ṣe yẹ. Bí iye òkè bá ṣì dé 180 tàbí tí iye ìsàlẹ̀ bá dé 120, tí kò sì sí àmì ewu lára wọn, ẹ pe dókítà wọn lálẹ́ yẹn bí ẹ bá ní nọ́ńbà rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní, kí dókítà rí wọn lọ́jọ́ kejì, kó má di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí àmì ewu bá wà, ẹ gbàgbé ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn ló kàn.

Nítorí náà, Màmá fúnra wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ẹ̀rọ. Nọ́ńbà nìkan kọ́ ló ń sọ ìfúnpá di pàjáwìrì. Ó di pàjáwìrì nígbà tó bá ti ń ba nǹkan jẹ́ lọ́wọ́ nínú ara: nínú ọpọlọ, ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, ojú, kíndìnrín, tàbí lára òpó iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Bó bá jẹ́ ọpọlọ ni, ẹ ó rí i pé ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára mọ́, ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu onítọ̀hún, kò mọ ibi tó wà mọ́, gìrì mú un, tàbí kí orí fọ́ ọ lójijì lọ́nà tí kò gbà fọ́ ọ rí láyé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀fóró, àyà á fún un pinpin, ìrora náà lè tàn dé apá tàbí àgbọ̀n, tàbí kí èémí máa ṣòro fún un débi pé kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Bó bá jẹ́ òpó iṣan ńlá yẹn, ìrora á ṣàdédé bẹ́ láti àyà lọ sí ẹ̀yìn, bí ìgbà tí nǹkan fà ya nínú. Ojú lè ṣú lójijì. Kíndìnrín nìkan ni kì í tètè pariwo, ìdí kan sì nìyẹn tí dókítà fi máa ń ní kí ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga tó báyìí ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti ìtọ̀.

“Kò sí ibi tó ń dùn mí” kò tó fún mi lẹ́nu àgbàlagbà, nítorí àwọn ìyá wa kì í fẹ́ da ilé rú lóru, àti pé àrùn rọpárọsẹ̀ kì í sábà dunni. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò fúnra yín, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín kí eyín hàn, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì gbéra dọ́gba. Ẹ ní kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí wọ́n dijú, kí wọ́n dá ọwọ́ dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ọwọ́ tó bá ń rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ki oríkì yín. Ìyá tó ti ń ki ọmọ rẹ̀ láti kékeré, tí oríkì náà wá ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ má dúró kó tó di àárọ̀.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹ má tún ìfúnpá kankan wọ̀n. Kódà kí ẹ̀rọ sọ pé 150 ni, ẹ lọ, nítorí pé rọpárọsẹ̀ àti ìkọlù ọkàn kì í dúró de 180. Ẹ pe 112, ní Èkó ẹ lè pe 767 pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ wọn kò bá tètè yọ, ẹ wá mọ́tò, kí ẹ gba ilé ìwòsàn ńlá tí dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru lọ, ẹ má yà ní kẹ́míìsì. Ẹ kọ aago tí ara onítọ̀hún dá ṣáṣá kẹ́yìn sílẹ̀, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn ó bi yín nìyẹn. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ọpọlọ kì í sábà ṣeé lò mọ́ bí wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ bá ti kọjá. Bó bá jọ rọpárọsẹ̀, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ má fún un lómi, nítorí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má sì fún un ní asipírínì, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ọpọlọ náà, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀.

Orí tó ń fọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn òde kì í ṣe èyí tí mò ń sọ. Ẹni tó bá jókòó sí ìdí gbohùngbohùn láti ọ̀sán, tó wá ká gèlè lórí nígbà tó délé, orí lè fọ́ ọ láìjẹ́ pé ìfúnpá ló fà á.

Aláboyún àti ìyá ọmọ tuntun ni ìlànà òkè yìí kò bá mu. Bí ìfúnpá aláboyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, tàbí ti ìyá tó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, bá dé 160/110, kí ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, kó lọ sílé ìwòsàn ní wákàtí náà, bí nǹkan kan ń dùn ún o, bí kò dùn ún o. Bó bá jẹ́ 140/90, kó rí nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tàbí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí orí bá wá ń fọ́ ọ, tí ojú ń ṣú u tàbí tí òkè ikùn lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ń dùn ún, kó má dúró wọn ẹlẹ́ẹ̀kejì, gìrì lè tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí oògùn abẹ́ ahọ́n. Kò yà mí lẹ́nu pé aládùúgbò yín mọ̀ ọ́n, nítorí ìgbà kan wà tí àwọn dókítà pàápàá ń ṣe é: wọn á lu kápúsù nìfẹ́dípíìnì, wọn á kán an sábẹ́ ahọ́n, nọ́ńbà á já wálẹ̀, inú gbogbo èèyàn á dùn. Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ gidigidi pé kí a jáwọ́, nítorí àwọn kan ní rọpárọsẹ̀ tàbí ìkọlù ọkàn lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ìfúnpá ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọdún púpọ̀ ti ga pẹ́, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sọ́pọlọ sì ti kì, wọ́n ti bá agbára yẹn mọ́ra. Bí ẹ bá já a wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ kò ní gòkè dé ọpọlọ dáadáa, bí omi ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ rọ̀ ṣe máa ń sun ní ìsàlẹ̀ tí kì í dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nílé ìwòsàn gan-an, bí àmì ewu bá wà, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú un wálẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ pàjáwìrì wọn kì í jẹ́ kó dín ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹni tí kò ní àmì ewu kò nílò kí ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ lóru kan rárá. Ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ń lò fún un.

Ó ku bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà yín ń gòkè ní gbogbo ìgbà tí ẹ tún un wọ̀n, 188, 193, 197, èyí tó sọ púpọ̀ fún mi. Ìfúnpá ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń wálẹ̀ díẹ̀ ní ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bó bá ń gòkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ kò fún apá ní ìsinmi láàárín, ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀yin náà sì ń sọ pé “ó tún ti gòkè o” létí wọn. Ó kéré tán, ìṣẹ́jú kan ló yẹ kó wà láàárín ìwọ̀n méjì, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ka nọ́ńbà jáde. Ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wo ìjókòó wọn. Etí bẹ́ẹ̀dì kò ní ibi ìfẹ̀yìntì, ẹsẹ̀ lè máa fì láìkan ilẹ̀, apá á sì gbé lé itan, nísàlẹ̀ ọkàn. Bí ibi tí ẹ wé ẹ̀rọ mọ́ bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 wà nísàlẹ̀ ọkàn, yóò fi nǹkan bí 7 tàbí 8 kún iye náà lásán. Kí wọ́n jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì oúnjẹ, kí wọ́n fẹ̀yìn tì í, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹsẹ̀ má gun ara wọn. Ẹ fi tímùtímù tàbí aṣọ kíká sórí tábìlì kí apá lè gbé e, kí aṣọ ẹ̀rọ náà wà ní ọ̀gangan ọmú. Awọ ara gan-an ni kí ẹ wé e mọ́. Bùbá léèsì kì í ṣe ibi tí a ń wé e lé, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ká apá bùbá tó fún sókè kó wá di okùn mọ́ apá. Etí ìsàlẹ̀ aṣọ ẹ̀rọ yẹ kó fi ìka méjì jìnnà sí ìgbọ̀nwọ́. Ìtọ̀ tó kún inú náà ń gbé ìfúnpá sókè, ẹni tó sì ti òde dé láìtíì tọ̀ ń gbé e kiri. Kọfí, sìgá, àtẹ̀gùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn, kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá lórí wọn.

Kí ẹ tó ní ẹ̀rọ ń parọ́, ẹ wá téèpù aránṣọ, kí ẹ wọn àyíká apá Màmá ní àárín èjìká sí ìgbọ̀nwọ́. Ọ̀pọ̀ aṣọ tó ń bá ẹ̀rọ wá nínú páálí, apá tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32 ni wọ́n ṣe é fún, ẹ ó rí nọ́ńbà náà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá wa ló ti kọjá 32. Aṣọ tó kéré máa ń sọ pé ìfúnpá ga ju bó ṣe wà lọ: lórí apá tó tóbi díẹ̀ ó lè fi bíi 5 kún iye òkè, lórí apá tó tóbi gan-an ó lè tó 20. A máa ń ta aṣọ tó tóbi lọ́tọ̀. Èyí tí a ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ kì í ṣeé gbọ́kàn lé tó ti apá, èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà á bí ti apá bá lè gba apá rẹ̀.

Ká ní ẹ ti ṣe gbogbo èyí lálẹ́ Sátidé, tí ẹ wá rí 170/98 àti, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, 166/96. Ó ṣì ga, ṣùgbọ́n kò sí lára èyí tí a ń pe dókítà fún lóru mọ́. Ẹ lọ wo oògùn wọn. Ẹ ka ihò tó ti ṣófo lára páálí, kí ẹ fi wé ọjọ́ tí ẹ rà á. Lọ́dọ̀ mi, lẹ́yìn ọjọ́ òde ni mo máa ń rí irú èyí jù, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá kì í lo oògùn bí wọ́n bá fẹ́ jáde, pàápàá èyí tó ń mú ni tọ̀. Bí ti ọjọ́ náà bá wà ní páálí, kí wọ́n lo ẹyọ kan, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, kí wọ́n má tìtorí ẹ̀ lo mẹ́ta pa pọ̀. Kí ẹ má sì jókòó máa wọ̀n ọ́n ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti wò ó bóyá ó ti ṣiṣẹ́. Oògùn tó ń lọ́ra ni amúlódípíìnì. Wákàtí mẹ́fà sí méjìlá ló ń gbà kó tó pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tí ènìyàn bá sì ti pa á jẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan kí agbára rẹ̀ tó padà pé. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo dikilofẹ́náàkì tàbí ibuprofẹ́ẹ̀nì fún orúnkún, tàbí oògùn ọ̀fìnkìn tó ń la imú. Gbogbo wọn ló lè gbé ìfúnpá sókè, àwọn ìyá kì í sì í dárúkọ wọn nítorí wọn kò kà wọ́n sí oògùn.

Láti ọjọ́ kejì, bí dókítà kò bá ní kí ẹ ṣe nǹkan mìíràn, ẹ wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ méje. Ní àárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tọ̀, kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n tó lo oògùn, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ kí wọ́n tó sùn. Ọ̀rọ̀ apá méjèèjì rọrùn: ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ wọn tọ̀tún àti tòsì, apá tó bá ga jù ni kí ẹ máa lò títí lọ. Ẹ kọ SYS, ìyẹn iye òkè, DIA, ìyẹn iye ìsàlẹ̀, àti PUL, ìyẹn iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan, bí ẹ̀rọ ṣe gbé wọn jáde, ẹ má yí 147 padà sí 145 kó lè rí rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ má sì yọ èyí tí kò dùn mọ́ yín nínú kúrò. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀ nígbà ìṣirò, ara kò tíì mọ ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Àárọ̀: 152/90 àti 146/86. Alẹ́: 144/84 àti 138/80. Ẹ ro iye òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ó jẹ́ 580. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ó di 145. Iye ìsàlẹ̀ jẹ́ 340, pípín rẹ̀ sí mẹ́rin jẹ́ 85. Nítorí náà, 145/85 ni ọjọ́ náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà tó tẹ̀ lé ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ wá rí àròpín àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìlà tí a fi ń wọn ti ilé ni 135/85, kì í ṣe 140/90 tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, nítorí pé ìfúnpá ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ga díẹ̀ sí i níwájú dókítà. Bí àròpín Màmá bá jẹ́ 145/85, a jẹ́ pé oògùn wọn kò ká a tán. Kí dókítà rí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ó lè fi kún oògùn náà tàbí kó so òmíràn pọ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ 128/78, òde àti oògùn tí wọ́n gbàgbé ló ṣe ti Sátidé. Bí èyíkéyìí nínú ọ̀sẹ̀ náà bá tún dé 180 tàbí 120 lẹ́yìn tí ẹ ti tún un wọ̀n dáadáa, ẹ má dúró kí ọjọ́ méje pé.

Bí àmì ọkàn tó ń lù ségesège bá ń yọ lójú ẹ̀rọ lóòrèkóòrè, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ọkàn wọn lè máa lù ségesège, ẹ̀rọ ilé kì í sì ka irú èyí tààrà. Ìwọ̀n mẹ́ta ni kí ẹ máa ṣe dípò méjì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ gbé ìwé náà, gbogbo páálí oògùn wọn àti ẹ̀rọ náà dání. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ tiwọn wọn Màmá, kí ẹ fi tiyín wọn apá kan náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kó tún fi tiwọn wọ̀n ọ́n. Bí tiyín bá ń fi bíi 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí tiwọn ní gbogbo ìgbà, tí aṣọ rẹ̀ sì bá apá Màmá mu, ẹ rọ́pò bátìrì kí ẹ tún un ṣe. Bí kò bá yí padà, ẹ lọ ra òmíràn.